Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́: Owó Ilé, Owó Àìròtẹ́lẹ̀ àti Owó Ara Ẹni

Kì í ṣe iye tí a ti là kalẹ̀ fún ilé lóṣooṣù ló ń jẹ owó ìpamọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní òkèèrè. Ìpè àìròtẹ́lẹ̀ ni: ara ẹnì kan kò yá, òrùlé jò, owó iléèwé kò pé. Bí kò bá sí àpò tí a yà sọ́tọ̀ fún un, inú owó tiwa la ó ti bù ú, kì í sì í sábà padà síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní àpò mẹ́ta ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní 2,000 ló ń wọlé lóṣù lẹ́yìn owó orí, tí ilé tí ẹ ń gbé lókèèrè, oúnjẹ àti ọkọ̀ sì ń gba 1,250. Ó ku 750. Ti ará ilé jẹ́ 350, ti àìròtẹ́lẹ̀ ilé jẹ́ 100, tiyín jẹ́ 300. Ẹ ní kí báǹkì máa yọ 300 náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Bí ìpè bá dé tí àpò àìròtẹ́lẹ̀ kò tó, iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún ìyókù. Ó ṣòroó sọ lójú ẹbí, mo mọ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ máa fi owó ilé ránṣẹ́, torí owó tí àwọn tó ń báni fowó ránṣẹ́ ń gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń di púpọ̀ lórí owó kékeré. Ẹ má sì gba “ọ̀fẹ́” gbọ́ láìṣírò. Ká ní 1 nínú owó òkèèrè jẹ́ 100 owó ìlú yín lọ́jà, tí ẹ sì fẹ́ fi 350 ránṣẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó ń báni fowó ránṣẹ́ gba 5, ó ṣẹ́ ìyókù ní 98: 345 á di 33,810. Ẹni kejì kò gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n 95 ló fi ṣẹ́ 350: 33,250. Ọ̀fẹ́ ló wọ́n jù. Iye tó máa dé ọwọ́ ará ilé nìkan ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Ní ti 300 yín, ọ̀pọ̀ ń ka ìnáwó ti ara wọn nìkan nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó tí yóò gbé wọn ró bí iṣẹ́ bá bọ́. Ilé kò ní dẹ́kun jíjẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ fi 350 kún 1,250, ó di 1,600. Ti oṣù mẹ́ta jẹ́ 4,800. Oṣù 16 ni yóò gbà. Kó tó pé, ẹ má fi ra ilẹ̀ tàbí ṣíà, torí bí iṣẹ́ bá lọ, iye tí wọ́n bá dá lé e lẹ ó tà á.

Lẹ́yìn náà ni ìdókòwò. Bó bá jẹ́ ilé kíkọ́ ní ìlú yín, ẹ má gbé owó náà gba àkáǹtì tí owó oúnjẹ ń gbà. Àìsàn ọmọ á máa ṣíwájú bíríkì, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Kò sí olè níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ta bíríkì gan-an ni kí owó náà lọ tààrà, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí àwòrán iṣẹ́ tó ti parí.