Àlùfáà Ka Fóònù Mi, Ará Ilé Ṣe Àmín

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó tẹ fóònù mi títí gbogbo rẹ̀ fi di èdè Lárúbáwá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà. Gbogbo àmì ló kó lọ sí apá ọ̀tún, ọfà tí a fi ń padà sẹ́yìn náà sì kọjú síbẹ̀. Èmi tí gbogbo ilé wa ní Mushin ń gbé fóònù wá bá!

Mo gbé e tọ Àlùfáà yàrá iwájú lọ. Baba jókòó dáadáa, ó sì fi ohùn dídùn ka ọ̀rọ̀ bátìrì àti ti ìró láti òkè dé ìsàlẹ̀, débi pé àwọn obìnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ ọwọ́ àdúrà, wọ́n ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo bi í pé èwo ni kí n tẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, kíkà ni mo kọ́ ní ilé kéwú, n kò kọ́ fóònù."

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Ìkẹjà ló bí mi nínú jù. Ó mi orí bí ẹni tó rí òkú, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni, àti pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò pa rẹ́. Mo fi ìbínú kúrò níbẹ̀, mo lọ gba fóònù àbúrò mi obìnrin, nítorí irú kan náà la jọ ń lò, mo sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ohun tí mo bá tẹ̀ lára tirẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lára tèmi: kẹ̀kẹ́ eléyín, lẹ́yìn náà lẹ́tà i inú òbíríkítí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà àmì ayé roboto. Ọfà kan tó yí po wà nítòsí. Mo kà á lára tirẹ̀ pé òun ló ń pa nǹkan rẹ́, mo sì kó ìka mi jìnnà sí i. Àmì ayé yìí ṣí àwọn èdè sílẹ̀, àmì + sì wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, èdè kọ̀ọ̀kan fi lẹ́tà tirẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀, mo sì rí "English" gbangba. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ "Nigeria", mo hó yèè.

Lárúbáwá ni fóònù ṣì ń sọ. English ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò kejì ló wà, èdè ipò kìíní sì ni fóònù ń lò. Àwọn ìlà kékeré tí a ń dì mú láti fi gbé èdè sókè wà lápá ọ̀tún lára ti àbúrò mi, ni mo bá ń fi ìka ra ọ̀tún tèmi títí.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbàgbé pé tiyín ti yí padà ni?"

Apá òsì ni wọ́n wà. Mo dì wọ́n mú, mo wọ́ English kọjá lórí Lárúbáwá, gbogbo àmì sì sáré padà sí àyè wọn.

Ni àbúrò mi bá na ọwọ́ sí mi, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni iṣẹ́ òun náà, agboòrùn nìkan ni òun kò ní.