Káàdì Kan Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ewì sórí káàdì fún àlùfáà ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti káàdì kan fún yín. Ìkòròdú níbí ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ìyá àgbà kan ṣubú, egungun ìtan rẹ̀ dá. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

Dìde, má bẹ̀rù mọ́,
lọ́la ìwọ yóò rìn.

Ọmọ Màmá ló kà á sí i létí. Màmá ní, "Ta ló sọ fún un pé mo máa rìn lọ́la?" Ó kọjú sí ògiri. Egungun ìtan àgbàlagbà ń gba oṣù kó tó jinná, ẹlòmíràn ò sì ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìlérí tí dókítà gan-an ò lè ṣe ni mo ṣe fún ẹni tí ara ń ro. Ó dùn mí títí di òní. Láti ìgbà náà, n kì í kọ "yóò" nípa ìwòsàn. Ohun tí aláìsàn ń rí, tó ń gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ni mo ń kọ.

"Ìwọ" yẹn náà ò dáa. Káàdì ò mọ ọjọ́ orí ẹni tó máa kà á. Mo gbìyànjú "ẹ̀yin", ó dún bí ìkéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá fi "mo" kọ ọ́, kó lè di ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀:

Òru gùn.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀:
ẹnì kan ò sùn nítorí mi.
Mo mí sínú, mo mí síta.
Oorun ń bọ̀.

Mùsùlùmí tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lè gba èyí náà, bí àlùfáà bá ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fẹ́.

Àmọ́ ilé ìtẹ̀wé tẹ ìlà tó gbẹ̀yìn báyìí: "Orun n bo." Lẹ́tà tí wọ́n lò ò gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, wọ́n sì tún fo "o" kan. Ẹ wo ẹni tó ń ṣàìsàn tó ka "Ọ̀run ń bọ̀" láago méjì òru! Àlùfáà ló rí i kó tó pín in. A da gbogbo rẹ̀ nù, mo sì fi "Ojú mi ti ń wúwo" rọ́pò rẹ̀. Kódà bí àmì bá bọ́, kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Bébà A4 kan ń fún wa ní káàdì mẹ́rin. Káàdì tí a bá ti fún aláìsàn kan, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí àkóràn. Ẹ má sì lo bébà tó ń dán: iná òkè wọ́ọ̀dù á tàn sójú ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò ní rí nǹkan kan kà. Kí n tó gbé tèmi lọ tẹ̀, mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ iná, n ò ní wọ awò, màá na ọwọ́ tán, màá wá kà á.