Ẹ tó wà níwájú, ẹ tó wà lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí Táyọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi, wá sí Ìbàdàn láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, àmọ́ Yorùbá ẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn lè bú, gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́, ó ń sọ ọ́ dáadáa, ó tiẹ̀ máa ń pòwe nígbà míì, ibi tó yẹ kó pa á ni kò mọ̀. Kó tó wọ bààlúù, bàbá ẹ̀ sọ fún un pé òfin kan péré ló wà tó bá délé: ẹni tó bá ti jù ẹ́ lọ, "ẹ" ni kó o máa lò fún un. Ó parí. Táyọ̀ bá di òfin yẹn mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Àbúrò bàbá mi ò purọ́ o. Wọ́n kàn gbàgbé pé "ẹ" méjì ló wà lẹ́nu wa ni.

Ilé Ìyá Àgbà ní Ọjà'ba la kọ́kọ́ lọ. Ìyá Àgbà yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá wa ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́ àmọ́ etí wọn, hà, etí yẹn ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní àdúgbò kejì. Táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, ṣòkòtò funfun tó wọ̀ gba erùpẹ̀, gbogbo ilé pariwo pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyí, orí mi wú. Bó ṣe dìde báyìí ló lanu:

"Ẹ káàsán mà. Inú mi dùn láti rí ẹ. Dádì mi ní kí n kí ẹ dáadáa. Báwo ni ara ẹ, mà? Ilé ẹ tóbi gan-an."

Ilé pa lọ́lọ́. Ìyàwó ilé kan tó ń rẹ́ ilá sínú abọ́ dá ọ̀bẹ dúró. Ìyá Àgbà rọra yí orí sí mi.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi? Ara ẹ? Ilé ẹ? Ṣé èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ta ayò ni?"

Táyọ̀ ò mọ nǹkan tó ṣe. Lójú tiẹ̀, "ẹ" yẹn ni ò tíì pọ̀ tó, ló bá fi kún un: "Ẹ má bínú mà, mi ò fẹ́ bí ẹ nínú, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ gan-an ni." Nígbà tó fi máa dé ibi tó ti ń nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá ẹ̀ yìí, àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ń yí lulẹ̀, èmi gan-an ń bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa já. Ìyá Àgbà ní kí n tètè máa mú u lọ kó lọ jẹun, bóyá ebi ló ń pa á.

Inú mọ́tò ló ti yarí. "Mo sọ ẹ! Ṣé o ò gbọ́ ni? Kò sí gbólóhùn tí mi ò fi ẹ sí!" Òótọ́ ló sọ, kò sí. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Mo wá ní kó fara balẹ̀. Mo ní "ẹ" tó bá wà níwájú, ìyẹn ti ẹni tó ń ṣe nǹkan, òun ni ti àgbà: ẹ jókòó, ẹ wá, ẹ ti jẹun. Èyí tó bá wà lẹ́yìn, ti ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí àbí ẹni tó ni nǹkan, ti ọmọdé nìyẹn, ti ẹgbẹ́ ẹni. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé wọ́n á kọ "mo rí ọ", wọ́n á kọ "ilé rẹ", àwa tá à ń sọ ọ́ lẹ́nu la sọ méjèèjì di ẹ, mo rí ẹ, ilé ẹ. Fún àgbà, "yín" ló ń gba ipò méjèèjì yẹn. Mo rí yín. Ilé yín. Ara yín ńkọ́? Torí náà nígbà tó ní "ẹ káàsán mà, inú mi dùn láti rí ẹ", ó fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dọ̀bálẹ̀ ni, kó tó dé ìparí ẹ̀ ó ti dìde, ó ti ń gbá ìyá lẹ́jìká.

Ó ní ṣebí òun fi "mà" sí i. Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Èkó tí wọn ò dé Lọ́ńdọ̀nù rí náà ń ṣe é, wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan", wọ́n rò pé "mà" lè bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò lè bò ó. "Jókòó, mà" ṣì ni "jókòó", torí tí o bá ti pàṣẹ láì fi "ẹ" ṣíwájú, ẹnì kan ṣoṣo tí kò jù ẹ́ lọ lò ń bá wí.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí kánsù torí ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tó fẹ́ gbà. Obìnrin tó wà lórí tábìlì níta, tó dájú pé ó ju Táyọ̀ lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, wò ó, ó ní, "Ọ̀gá ò tíì dé, wọ́n wà nípàdé, wọ́n ń bọ̀, ẹ jókòó." Táyọ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá àgbà kan ló wọlé. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé òun ti darúgbó ni. Mo ní rárá o, ẹni téèyàn ò mọ̀ rí, tó ti kúrò lọ́mọdé, "ẹ" ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ìwọ náà á sì fi "ẹ" dá a lóhùn. Ó ní ó yé òun. Mo wá jáde lọ ṣe fọ́tòkọ́pì, mi ò mọ̀ pé èyí tí kò yé e ni "wọ́n".

Nígbà tí mo padà, ọkùnrin kúkurú kan tó wọ bùbá àǹkárá, kò dé fìlà, ọmọdé lójú, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo Táyọ̀. Táyọ̀ ń ṣe é dáadáa tọkàntọkàn, ó ń sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

"Bọ̀ọ̀dá, wá jókòó. Wọn ò tíì dé o. Ṣé ìwọ náà wá gba ìwé ẹ̀rí ni?"

Ọkùnrin yẹn ní, "Àwọn wo lẹ̀ ń dúró dè?"

"Àwọn ọ̀gá. Gbogbo wọn ló lọ sípàdé."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Wọn ò sọ fún wa, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n pọ̀."

Obìnrin orí tábìlì ti dìde, ó ti kúnlẹ̀ díẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ọkùnrin yẹn kọjá lọ sínú yàrá, a gbọ́ tí àga dún. Mo wo Táyọ̀, ó wo àjà.

Ẹ ò rí nǹkan báyìí. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni "wọ́n", torí tí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà tàbí ọ̀gá lẹ́yìn ẹ̀, a kì í ní "ó ń bọ̀", "wọ́n ń bọ̀" la máa ń sọ, ẹnì kan náà ni, ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Táyọ̀ ti jókòó ó ń retí èrò, ló ṣe ka ọ̀gá náà mọ́ àwọn tó wá gba ìwé. Àwa la gbẹ́yìn tí wọ́n pè wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti débẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, mi ò ní sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Nígbà tá a wọlé, ẹ̀rù ti bà á débi pé ó ti kó gbogbo "ẹ" dà nù. "Yín kú iṣẹ́, sà. Yín jọ̀ọ́, yín má bínú." Ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ́ lejú, kò lè ṣe é, ó fi fáìlì bojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Bá a ṣe jáde, Táyọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ òun lọ́kàn, òun fi ọdún bíi márùn-ún ju ọkùnrin yẹn lọ, kí ló dé tí òun máa fi pè é ní "ẹ"? Mo ní tó bá pàdé ẹ̀ nílé ọtí lálẹ́, kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn, àmọ́ nínú ọ́fíìsì, àga yẹn jù ú lọ.

A padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Ẹ káàárọ̀ mà, mo tún wá kí yín, ara yín ńkọ́?" Ìyá Àgbà ní "Hẹn-ẹn!", wọ́n ní kí wọ́n bù ú ní àmàlà. Mo rò pé ó ti bọ́ nìyẹn. Àfi bí ìyàwó ilé ọjọ́sí tó ń rẹ́ ilá ṣe gbóhùn sókè: "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wá." Táyọ̀ ń wá bọ̀ọ̀dá náà, ọmọ ọdún méjìlá kan ló jáde pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iléèwé, ikun ń dà nímú ẹ̀. Táyọ̀ gbé àmàlà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí mi. Kí n tó la ẹnu Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé ni wọ́n bí i nílé ọkọ, ọmọ tó bá ti wà ńlẹ̀ kó tó dé, ọkọ ẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó máa fún un ní tiẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún méjì lọmọ yìí nígbà tí ìyàwó dé. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ayé ìsìnyí ò kà á sí mọ́, kí n má purọ́, àmọ́ nílé Ìyá Àgbà, ta ló tó bẹ́ẹ̀.

Kó tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù mo mú u dání lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó. Lákòókò yẹn Táyọ̀ ti gún régé, ó ń to ẹ, yín àti wọ́n bó ṣe yẹ, ó ti ń tún ti ẹlòmíì ṣe. A jókòó ti bàbá ọ̀rẹ́ mi, àgbàlagbà pátápátá, ni ọ̀rẹ́ mi bá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi èdè ilé wọn bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀, "o" ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí "ẹ" kankan níbẹ̀. Táyọ̀ fà mí lápá jáde dé ìdí táǹkì omi. "Ó pe bàbá ẹ̀ ní 'o'! Ṣé wọ́n máa lé e jáde nínú ẹbí ni?" Mo ní kó má dá ara ẹ̀ láàmú, ní Oǹdó àti lọ́pọ̀ ibi ní Èkìtì, èdè ilé wọn ò ní "ẹ" ọ̀wọ̀ bíi tiwa, ọmọ lè pe bàbá ẹ̀ ní ìwọ kí ọ̀wọ̀ má yẹ̀, torí ìkúnlẹ̀ àti ìkíni ló gbé tiwọn sí. Yorùbá Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn lèyí tó ti ń fi orí fọ́ látọjọ́ yìí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó padà wọlé, kò kúkú lè yí padà mọ́, ló bá tún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá: "Ẹ kú ìnáwó, sà. Inú mi dùn pé mo bá yín nílé. Ẹ̀yin àti ilé yín, Ọlọ́run á dá yín sí."

Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. "Ọmọ mi, ẹ̀yin mélòó lò ń kí?"

Táyọ̀ ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin kan ṣoṣo ni, sà."