Òpó kan la yọ, kọnkéré sì pọ̀ sí i: lẹ́tà tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán ilé, kí n sì ṣírò iye kọnkéré, irin àti pákó tí ilé náà máa gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí àwọn oníbàárà, èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ ni èyí tí mo ní láti kọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, ẹni tí mo kọ ọ́ sí kò gbà mí gbọ́, nígbà tí mo sì padà yẹ iṣẹ́ mi wò, mo rí i pé òun ló jàre.

Ilé náà jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bíìmù kan tó gùn tó mítà 8 la pálọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ já, òpó kan sì dúró sí abẹ́ bíìmù náà ní ọ̀gangan àárín, tí àyè fi jẹ́ mítà 4 ní apá ọ̀tún àti mítà 4 ní apá òsì. Obìnrin tó ni ilé náà wo àwòrán, ó ní òpó yẹn máa ba pálọ̀ òun jẹ́, ó sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ayàwòrán ilé tún àwòrán yà, ẹnjiníà ṣírò agbára ilé náà lọ́tun, wọ́n sì fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ sí mi. Mo wọn ún, mo sì kọ gbólóhùn kan péré sí oníbàárà wa pé nítorí ìyípadà tó bá àwòrán ilé, kọnkéré ti fi kúbíìkì mítà 2.64 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tó fi pè mí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ni mo ní kí ẹ yọ, mi ò ní kí ẹ fi nǹkan kún un. Ta ló ń yọ ẹrù kúrò nínú àpò tí àpò náà á tún wá wúwo sí i?” Mo fi odindi tábìlì ìṣírò ránṣẹ́ sí i, ojú ìwé mẹ́rin tó kún fún nọ́ńbà, mo sì rò pé mo ti dáhùn. Kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Tábìlì náà kò ní àṣìṣe ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tó ti dá obìnrin náà lóhùn. Ohun tó ń bi mí ni pé níbo ni ẹrù tí òpó yẹn ń gbé lọ, èmi sì ń ka àpò sìmẹ́ńtì fún un.

Ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ni mo gbà lọ, kí n lè lóye ọ̀rọ̀ náà fúnra mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó ní kí n fojú inú wo bíìmù yẹn bí igi ńlá tí èèyàn mẹ́ta gbé léjìká, ẹnì kan ní orí, ẹnì kan ní ìdí, ẹnì kan ní àárín. Bí ẹrù bá tẹ́ kárí igi náà dọ́gba, tí a sì pín in sí ìdá 16, ẹni àárín nìkan ló ń gbé ìdá 10, àwọn méjì yòókù ń gbé ìdá 3, 3. Bí ẹni àárín bá yọ èjìká rẹ̀, ẹrù kò bá a lọ; ìdá 8 ló máa já lé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òpó méjèèjì tó wà ní ìkángun bíìmù náà nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń gbé láti orí bíìmù yìí ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà òpó gbọ́dọ̀ sanra sí i, ìpìlẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i.

Bíìmù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì, ibẹ̀ ni ojú àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kì í sábàá tó. Bí àyè tó wà láàárín òpó méjì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tẹ bíìmù kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa ń dà. Ní tiwa, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bíìmù tó gba orí òpó àárín kọjá láìgé máa ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà láti apá kejì, a sì ti pàdánù ìrànlọ́wọ́ yẹn pẹ̀lú òpó náà. Agbára tó ń tẹ ikùn bíìmù sísàlẹ̀ wá fi díẹ̀ ju ìlọ́po méje ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà fi sọ bíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 450, di èyí tó fẹ̀ tó 300 tó sì jìn tó 750. Jíjìn yẹn ló jẹ́ kí irin ìsàlẹ̀ mọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin dípò méje, nítorí bí irin bá ṣe jìnnà sí òkè bíìmù tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Kí n tó tún lẹ́tà kọ, mo yẹ ohun méjì wò nínú ìṣírò mi. Èkíní ni bóyá ọ̀nà kan náà ni mo fi wọn bíìmù àtijọ́ àti tuntun. Dẹ́kìn tó nípọn mìlímítà 150 wà lórí bíìmù, a sì ti ka kọnkéré rẹ̀ mọ́ dẹ́kìn, nítorí náà láti abẹ́ dẹ́kìn lọ sísàlẹ̀ nìkan ló yẹ ká máa wọn bíìmù. Ẹni tó bá wọn ti àtijọ́ báyìí, tó wá fi gbogbo 750 wọn tuntun, ti fi kúbíìkì mítà 0.36 tí kò sí níbì kankan kún un. Ọpẹ́ ni pé mi ò ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Èkejì ni mo ti jìn sí kòtò. Nínú ìṣírò àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ òpó yíyọ, mo ti gbàgbé kọnkéré fẹ́ẹ́lẹ́ oní mìlímítà 50 tí a máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀ òpó kí a tó to irin sí i. Òpó 12 ni ilé náà ní, ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 1.2 ní ìbú àti ní òró, ohun tí mo gbàgbé sì jẹ́ kúbíìkì mítà 0.86. Nígbà tí mo ń wọn àwòrán tuntun, mo rántí rẹ̀, mo kà á, mo sì dà á mọ́ gbogbo ohun tí mo pè ní ìyípadà àwòrán. N kò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀, bó bá sì wá rí i fúnra rẹ̀, kò tún ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́.

Lẹ́tà kejì tí mo kọ lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo tọrọ àforíjì pé lẹ́tà mi àkọ́kọ́ kò ṣàlàyé tó. Mo fi àwòrán A, tí a fi ṣe ìṣírò àkọ́kọ́, wé àwòrán B, níbi tí a ti yọ òpó àárín pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dín kù. Òpó náà àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ìyẹn kúbíìkì mítà kọnkéré 0.58. Irin tó gba orí òpó náà kọjá nínú òkè bíìmù náà ti lọ, ìyẹn kílò 11.

Ẹrù tí òpó náà ń gbé kò kúrò nínú ilé, Mà. Ó ti kọjá sórí òpó méjì tó wà ní ìkángun. Ẹnjiníà sọ òpó méjèèjì di mìlímítà 300 dípò 225 ní ojú kọ̀ọ̀kan, èyí fi 0.24 kún kọnkéré. Ìpìlẹ̀ wọn kúrò ní mítà 1.2 ó di 1.6, ó sì nípọn sí i láti mìlímítà 300 dé 400, ìyẹn fi 1.18 kún un. Kọnkéré fẹ́ẹ́lẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ fi 0.04 kún un. Bíìmù tó ní láti fo mítà 8 láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀ fi 0.90 kún un. Bí a bá yọ ohun tó dín kù kúrò, ìyípadà àwòrán fi kúbíìkì mítà 1.78 kún kọnkéré. Irin ìsàlẹ̀ bíìmù yẹn kúrò ní kílò 41 ó di 166.

Kúbíìkì mítà 0.86 tó kù nínú 2.64 tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kò kan òpó tí ẹ yọ rárá. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ nínú ìṣírò àkọ́kọ́. Ilé náà ìbá gbà á kódà bí ẹ kò bá yí ohunkóhun padà.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ bíìmù àtijọ́, mítà 2.7 ló wà láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bíìmù. Lábẹ́ tuntun, ó máa jẹ́ 2.4. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí àwòrán A, tàbí kí a bi ẹnjiníà bóyá ọ̀nà mìíràn wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí pé tí kòtò bá ti di gbígbẹ́ ní ìwọ̀n kan, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn.”

Ohun méjì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nínú lẹ́tà yìí. Mo fi ohun tó dín kù ṣáájú, nítorí pé òun ni oníbàárà ń retí láti rí. Bí kò bá rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa wá a nínú gbogbo nọ́ńbà tó kù, kò sì ní gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Èkejì ni pé mi ò gbèjà ìwọ̀n bíìmù. Ẹnjiníà ló yan 750, iṣẹ́ tèmi sì ni kí n sọ ohun tí 750 máa gbà. Olùṣírò tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà jiyàn pé bíìmù kò lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ti kó ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí kò bójú tó, bó bá sì ṣì í sọ, gbogbo lẹ́tà náà bà jẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fèsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sọ nǹkan kan nípa 1.78. Nípa 0.86, ó ní, “Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́.” Èyí tó gbé wá sí iwájú ni mítà 2.4 yẹn, nítorí pé ó fẹ́ fi fáànù sí àárín pálọ̀ gan-an. Ó ní kí a bi ẹnjiníà bóyá bíìmù lè fẹ̀ dípò kó jìn. Ẹnjiníà dáhùn pé ó ṣeé ṣe láti fi bíìmù tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 550 àmọ́ tó fẹ̀ dáadáa ṣe é, ṣùgbọ́n irin máa pọ̀ sí i, èmi náà sì tún jókòó ti àwòrán C.