Ojú gígùn nínú fótò, ojú roboto lórí àga

Oníbàárà kan na fóònù sí mi lánàá: "Bọ̀dá, ojú mi gùn, ẹ bá mi dá irun ẹ̀gbẹ́ sí." Mo wo fótò, mo wo òun fúnra rẹ̀ lórí àga, wọn ò jọra. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yà á, fóònù ò jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ sí imú rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ni tó bẹ́ẹ̀, imú á fẹ̀, etí á sá sẹ́yìn, ojú á wá dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Mo ní kó ṣí fìlà. Mo sún sẹ́yìn tó mítà kan àbọ̀, mo gbé fóònù ṣe déédéé ojú rẹ̀, mo tún un yà. Mo gbé rúlà lé fótò tuntun náà: láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, sẹ̀ǹtímítà 8, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, 6.5. Nínú fótò tirẹ̀, 8 sí 5.2 ni. Ojú gígùn sábà máa ń ju ìlọ́po kan àbọ̀ ìbú rẹ̀ lọ. Tirẹ̀ ò sún mọ́ ọn, àgbọ̀n rẹ̀ ò sì ní igun. Roboto ni. (Bí iwájú orí bá ti ń pá, ìwọ̀n yìí á purọ́: ojú roboto á jọ gígùn.)

Ká ní mo dá irun ẹ̀gbẹ́ sí ni, ojú náà ì bá tún fẹ̀ sí i. Féèdì ni mo ṣe sí ẹ̀gbẹ́, mo fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ lókè, mo sì gé etí irun iwájú kó ní igun.