Nọ́ńbà fóònù ní ibùdókọ̀

Àbúrò mi obìnrin ní kí n yé ṣàròyé pé mo dá wà. Ó ní ṣebí ìlú òyìnbó ni mo wà, níbi tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí, tí ibẹ̀ bá sì nira, kí n máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èrò pọ̀ lóòótọ́. Ẹni tí èèyàn máa bá sọ̀rọ̀ ni kò sí.

Nílé, kí ọkọ̀ tó dé, ẹ ti kí ara yín, ẹ ti jọ bú awakọ̀, ẹ ti gba nọ́ńbà ara yín. Gbogbo wa la mọ ìyẹn.

Níhìn-ín, pátákó tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tó kù kí bọ́ọ̀sì dé ni gbogbo ojú ń wò. Tí ẹnì kan bá ti jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, etí kejì ni ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ máa lọ. Màmá àgbà kan wà tí mo máa ń bá níbẹ̀ láàárọ̀. Ó pẹ́ tí a fi ń mi orí síra wa lásán. Lọ́jọ́ kan, pátákó ní ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì kọjá, ó tún ní ó ku méjì, lẹ́yìn náà ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Wọ́n tún ti purọ́ fún wa."

Mo ti kíyè sí i pé ohun tí ẹ jọ ń wò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbí. Tí o bá kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń gbé, wọ́n á fà sẹ́yìn. Nítorí náà, mi ò bi Màmá ní nǹkan kan. Mo kàn ní òtútù ti mú mi níka. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ló bi mí bóyá mo ti ra ìbọ̀wọ́, wọ́n wá ní orúnkún ń dun àwọn. Láti ìgbà náà, orúnkún yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ó wá di ìgbà kan tí mi ò rí wọn mọ́. Ta ni mo fẹ́ bi? Mi ò mọ orúkọ wọn. Ìgbà tí wọ́n padà dé pẹ̀lú ọ̀pá, mo ní mo ti ń wá wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì yọ fóònù. Mo ka nọ́ńbà mi fún wọn, mẹ́ta mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n fílàáṣì mi kí a rí i pé ó wọlé. Kò dún. 6 ni wọ́n tẹ̀ níbi tí mo pe 9. A tún un ṣe, ó dún, wọ́n sì kọ "bọ́ọ̀sì" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi.

Nọ́ńbà tí mo gbà ní ibùdókọ̀ nílé pọ̀ nínú fóònù mi, mi ò rántí ojú ẹni tó ni wọ́n. Màmá pè mí lọ́jọ́ Sunday, kìkì láti béèrè àlàáfíà. Tí àbúrò mi bá tún ní kí n máa bọ̀ nílé tí ibí bá nira, màá sọ fún un pé ẹnì kan ti wà níbí tó máa béèrè mi tí mi ò bá jáde láàárọ̀. Mi ò tíì ń bọ̀.