Iná Ló Jìnnà sí Wọn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Yàrá Tí Kò Ní Fèrèsé

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀kan nínú yín fi àwòrán tíréè tòmátò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá. Wọ́n ga fíofío, ọrùn wọn tín-ín-rín bí òwú, ewé wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àyà mi já, torí mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ajílẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń nàgà wá.

Ẹ má fi nọ́ńbà gàdàgbà ara páálí ra iná. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ta gílóòbù fún mi nàka sí 100 lára páálí, ó ní ó ti pọ̀ jù fún pẹpẹ kan. Ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo ka wínníwínní tó wà nísàlẹ̀: wáàtì 14 ló ń jẹ. 100 yẹn kàn ń sọ pé ó mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 100. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Mo so gílóòbù kan ṣoṣo yìí sí àárín, ó fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga ju tíréè lọ, torí mo ń bẹ̀rù kó má jó ewé. Yàrá mọ́lẹ̀ kedere lójú mi, mo tilẹ̀ lè kàwé níbẹ̀. Ojú èèyàn tètè máa ń bá ìmọ́lẹ̀ kékeré mọ́ra, ewé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí tòmátò tèmi hù, àwọn ti etí tíréè ti ń tẹ̀ sí àárín. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo bu ajílẹ̀ olómi sí i, wọ́n tún ga sí i. Lọ́jọ́ kẹwàá mo wọ́n omi sí wọn, wọ́n sì wó lulẹ̀ pẹrẹsẹ. Nínú 60, mẹ́rin ló ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù sí ibi tí ewé wà, mo sì fi áàpù wọn ìmọ́lẹ̀. Lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Àárín kò tó 600 lux, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 350 lọ. Lábẹ́ iná funfun, ọ̀gbìn tòmátò kékeré ń fẹ́ bíi 10,000 sí 15,000.

Iná gbọọrọ funfun méjì, oníwáàtì 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó gùn tó pẹpẹ láti ìkángun dé ìkángun, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ṣéènì ni mo fi so wọ́n, 12 sẹ̀ǹtímítà péré sórí ewé, mo sì ń fà wọ́n sókè bí ewé ṣe ń ga. Táímà ń tàn wọ́n fún wákàtí 16, ó ń pa wọ́n fún 8. Bí ewé òkè bá ń funfun tàbí tí etí rẹ̀ ń ká, ẹ gbé iná sókè díẹ̀. Ẹ má ra aláwọ̀ àlùkò: áàpù fóònù kì í wọ̀n ọ́n dáadáa, ojú yín kò sì ní rí ewé tó ń pọ́n lábẹ́ rẹ̀.

Ìwọ tó fi àwòrán ránṣẹ́, tìẹ kò tíì kú. Sọ iná kalẹ̀ lálẹ́ òní. Bí o bá ń lọ́ wọn sínú ike, ri ọrùn gígùn yẹn mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé méjì àkọ́kọ́. Tòmátò máa ń ta gbòǹgbò lára ibi tí erùpẹ̀ bá bò.